Fóònù wo ló yẹ aláṣọ: Áńdírọ́ìdì tuntun ni, àbí áífóònù tòkunbọ̀?

Aláṣọ Òkè-Ajé

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Aṣọ ni mò ń tà ní Òkè-Ajé, Ìjẹ̀bú-Òde: léèsì, aṣọ òkè, àti aṣọ ẹgbẹ́ fún àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tó ń múra Ojúde Ọba. Orí WhatsApp ni ọ̀pọ̀ oníbàárà mi wà. Fóònù ọwọ́ mi ti gbó, bátìrì rẹ̀ kì í rí ọ̀sán. Ẹni tó bá sì ra elésè àlùkò lọ́wọ́ mi, búlúù ló máa ní òun rí nínú fọ́tò. Owó tó wà nílẹ̀ kò ju 350,000 náírà lọ. Ẹnì kan fẹ́ ta iPhone 11 tòkunbọ̀ fún mi, ọmọ mi ní kí n ra Áńdírọ́ìdì tuntun. Kámẹ́rà tó máa fi àwọ̀ aṣọ hàn bó ṣe rí ni mò ń wá, bátìrì tó máa bá mi dalẹ́, àti àtúnṣe tí kò ní gbé owó ọjà mi jẹ. Èwo ni kí n rà?

Ọmọ Rẹ́mọ Gidi

Mọ̀mí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dà yín láàmú. Áífóònù ni. Àwọn tó ń ta Áńdírọ́ìdì á máa pariwo megapíìsẹ́lì 50, 64, 108, bí ẹni pé megapíìsẹ́lì ló ń ya fọ́tò. Ti iPhone 11 kò ju 12 lọ, síbẹ̀ ẹ gbé fídíò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn fóònù olówó pọ́ọ́kú yẹn kí ẹ wò ó. Ọwọ́ yín ì báà máa gbọ̀n, fídíò ò ní gbọ̀n.

Ní ti bátìrì, ẹ má wo nọ́ńbà. 3,110 mAh ni tiẹ̀, 5,000 mAh ni ti Áńdírọ́ìdì, ṣùgbọ́n áífóònù kì í jẹ iná ní jẹkújẹ. Bákan náà ni wọ́n ṣe ń pẹ́ sí. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń lo tèmi.

Olùkọ́ Àgbà Ìkẹ́nnẹ́

Ọmọ mi, mo kí ọ. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí o má ṣe fi aṣọ sílẹ̀ lọ máa ta fóònù. Tuntun ń jáde lójoojúmọ́, tàná á sì di ẹrù tí ẹnikẹ́ni ò bèèrè mọ́. Bí léèsì bá kù sí ọ lọ́wọ́, o lè gbé e dé ọdún tó ń bọ̀. Fóònù kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Aláṣọ Òkè-Ajé

Ẹ ṣé, bàbá. N kò fẹ́ ta fóònù o. Èyí tí màá fi ta aṣọ ni mò ń wá.

Olùkọ́ Àgbà Ìkẹ́nnẹ́

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ owó rẹ̀ tó ń já wálẹ̀ yẹn kan ẹni tó ń rà pẹ̀lú.

Ẹnjiníà Ṣàgámù

Ẹ kú ọjà, mọ̀mí. Iṣẹ́ àtúnṣe fóònù ni mò ń ṣe ní Ṣàgámù, gbogbo oríṣi ló ń bọ́ sórí tábìlì mi, n kò sì bá ilé iṣẹ́ kankan ṣe ẹgbẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú bátìrì. Lóòótọ́ áífóònù kì í ná iná ní ìnákúnàá, ṣùgbọ́n áífóònù tuntun ni ẹ̀gbọ́n wa tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ń sọ. Ọdún 2019 ni iPhone 11 jáde. Èyí tí wọ́n fẹ́ tà fún yín ti jẹun púpọ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn kó tó wọ ọkọ̀ òkun. Ìwọ̀n tí Apple ṣe bátìrì náà sí ni pé tó bá ti kún, tó sì tú tán nígbà 500, ó yẹ kó ṣì ku ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tó ní nígbà tó wà ní tuntun. Ẹni tó ń ki iná bọ̀ ọ́ lójoojúmọ́ á ti dé ibẹ̀ ní bí ọdún kan àbọ̀. Ká ní ẹ bá a ní 78: 3,110 yẹn ti di nǹkan bí 2,400 nìyẹn, kò tó ìdajì ohun tó wà nínú Áńdírọ́ìdì tuntun tó ní 5,000. Bó ti wù kí fóònù mọ iná ṣọ́ tó, kò lè dí irú àlàfo yẹn fún ẹni tó ń tan dátà sílẹ̀ láti àárọ̀ tó tún ń ya fídíò. Tí ìsọ̀ bá tún jẹ́ èyí tí páànù bò yíká, ó tún burú sí i, torí pé bí nẹ́tíwọ̀kì bá ṣe ń rẹlẹ̀ tó ni fóònù á ṣe máa fi agbára wá a tó.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wọ Settings > Battery > Battery Health. Bó bá ti wà lábẹ́ 80, ẹ ka owó bátìrì mọ́ owó fóònù. Bó bá sì kọ 100 lórí fóònù tó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀, ẹ má tíì yọ̀: wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ ni, ẹ kàn fẹ́ mọ irú èyí tí wọ́n fi rọ́pò. Ẹ lọ sí Settings > General > About, kí ẹ wo bóyá ibi tí wọ́n kọ Parts and Service History sí wà níbẹ̀. Bó bá wà, wọ́n ti tú fóònù náà rí. Ìwájú nǹkan tí wọ́n pààrọ̀ ni ẹ ó ti rí Genuine tàbí Unknown Part.

Ní ti àtúnṣe, ọ̀pọ̀ máa ń bi mí bóyá áífóònù ló wọ́n jù ni àbí Áńdírọ́ìdì. Irú ojú tó wà lórí fóònù ló yẹ kí wọ́n máa bèèrè, torí ojú ló ń fọ́ jù, òun ló sì ń gbówó jù. Ojú LCD ni iPhone 11 ń lò, ẹ̀dà rẹ̀ pọ̀ nílẹ̀, owó rẹ̀ kì í gani lára. Láti iPhone 12 lọ sókè, OLED ni, ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọwọ́ kékeré mọ́. Àwọn Áńdírọ́ìdì náà pín sí méjì bẹ́ẹ̀. Samsung A15 kì í ṣe fóònù ńlá, ṣùgbọ́n AMOLED ló wà lójú rẹ̀, ó sì máa ń wọ́n ju ojú àwọn Tecno Spark àti Infinix Hot tó ń lo LCD lọ. Mo ti ń rí oníbàárà tó gbọ́ owó ojú fóònù rẹ̀ tó ní kí n kúkú gba fóònù náà kí n fi ṣe èlò.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra fóònù kan, ẹ pe ẹnjiníà méjì, ẹ dárúkọ fóònù náà gan-an fún wọn, kí ẹ bèèrè iye ojú, iye bátìrì àti iye ẹnu ṣájà rẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá ní Ìkẹjà làwọn ti máa lọ rà á kó tó dé, ẹ mọ̀ pé ọjọ́ tó bá bàjẹ́, ẹ ó jókòó dè é.

Ìyá Gàrí Agọ́-Ìwòyè

Ẹnjiníà, ẹ dákun ẹ bá mi wo tèmi. Gàrí ni mò ń tà. Tecno mi ò gba iná mọ́ àfi tí mo bá tẹ ẹnu okùn ṣájà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni tí mo gbé e fún ní bátìrì ni, mo sanwó. Ó tún ní ó ku pánẹ́ẹ̀lì. Mo ti gbé e padà sílé. Ṣé bí Áńdírọ́ìdì ṣe máa ń ṣe nìyí, kí n kúkú máa kó owó áífóònù jọ?

Oníbàtà Ìpẹru

Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi. Bàtà ni mò ń tà, iPhone 13 ni mò ń lò, n kò kábàámọ̀ ẹ̀. Àmọ́ nǹkan méjì wà tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi kí n tó kúrò lórí Áńdírọ́ìdì.

Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ tí mo ti bá oníbàárà sọ lórí WhatsApp. Orí Google Drive ni mo pa á mọ́ sí, áífóònù ò sì lè kó o jáde láti ibẹ̀. Áàpù kan tó ń jẹ́ Move to iOS ni wọ́n fi ń gbé e kọjá, ìgbà tí áífóònù bá ṣì ṣófo, tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tò ó, ni ó sì rọrùn láti ṣe é. Tí ẹ bá ti tò ó tán, tí ẹ ti ń lò ó, àfi kí ẹ tún nù ún mọ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Gbogbo ìwọ̀n ẹsẹ̀ àwọn oníbàárà mi ló wà nínú ọ̀rọ̀ tó sọnù yẹn.

Èkejì, síìmù. Mò ń lo ìlà méjì, ọ̀kan fún ọjà, ọ̀kan fún ilé. Áífóònù tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ojú síìmù kan ló ní, ìkejì á jẹ́ eSIM, síìmù tí kò ní káàdì, ẹ ó sì lọ bá ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì yín kí wọ́n tó yí i padà fún yín. Ẹ tún ṣọ́ra fún iPhone 14 tó wá láti Amẹ́ríkà: kò ní ojú síìmù rárá. Àbúrò mi rà á, ó ń fi èékánná wá ibi tí síìmù ń gbà wọlé káàkiri ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ayàwòrán Ìlíṣàn

Ẹ ti sọ̀rọ̀ fóònù dáadáa, ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni elésè àlùkò Mọ̀mí ti ń di búlúù.

Pupa àti búlúù ló pàdé nínú àwọ̀ yẹn. Gílóòbù funfun tí gbogbo wa ń so sí ìsọ̀ báyìí, pupa tó jinlẹ̀ ò tó nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn, pàápàá àwọn tó pọ́ọ́kú. Pupa tí kò bọ́ sára aṣọ, aṣọ ò lè dá a padà fún kámẹ́rà. Búlúù nìkan ló kù tó ń rí. Ojú tiwa ń bá wa tún un ṣe torí pé a ti mọ aṣọ náà tẹ́lẹ̀. Ẹ lè gbé fóònù mílíọ̀nù méjì síwájú rẹ̀ lábẹ́ gílóòbù yẹn, búlúù lòun náà máa yà.

Ohun tí mo máa ń ṣe nìyí. Mo máa gbé aṣọ wá sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ojúmọ́ ti ń wọlé ṣùgbọ́n tí oòrùn ò ta sí aṣọ lára. Màá pa gílóòbù inú ilé, nítorí bí ìmọ́lẹ̀ méjì bá pàdé lára aṣọ kan, kámẹ́rà ò mọ èyí tí òun ó tẹ̀ lé. Màá wo iwájú pẹ̀lú: bí aládùúgbò bá ta tapólì búlúù tàbí agbòjò pupa sí ọ̀kánkán, àwọ̀ rẹ̀ á rọra kun aṣọ funfun mi láìjẹ́ pé mo fura. Lẹ́yìn náà ni màá fi bébà funfun kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ kí n tó yà á. Bí bébà bá ṣe búlúù tàbí tó pọ́n bí àtùpà nínú fọ́tò, aṣọ náà ti yí nìyẹn, kò sí ohun tí ẹ fẹ́ bá oníbàárà jà sí.

Ibí yìí ni fóònù ti wá yàtọ̀ síra. Ọ̀pọ̀ Áńdírọ́ìdì ní ibi tí wọ́n kọ Pro sí nínú kámẹ́rà. Ẹ wọ ibẹ̀, ẹ mú WB, kí ẹ máa fi ọwọ́ sún un títí bébà yóò fi funfun lójú fóònù. Nínú ojúmọ́, ó máa ń dúró sí nǹkan bí 5,500. Kámẹ́rà áífóònù fúnra rẹ̀ kò ní ìyẹn, ẹ̀yìn tí ẹ bá yà á tán lẹ ó tó lè tún un ṣe nínú Edit, ní ibi Warmth àti Tint. Ẹni tó ń ya aṣọ ogún lójúmọ́ kò ní fẹ́ máa tún un ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ti pé ẹ fẹ́ kàn gbé fóònù sókè kí ẹ yà á láìfọwọ́ kan nǹkan kan, áífóònù kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ àsọdùn. Àwọn Áńdírọ́ìdì olówó pọ́ọ́kú a máa fi kún àwọ̀ kó lè dùn ún wò. Ìyẹn dára fún ẹni tó ń ta ọsàn.

Ọmọ Rẹ́mọ Gidi

Ẹ ṣé tí ẹ sọ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn. Ẹ wá sọ fún mi, kí ló dé tí Status ẹni tó ń lo áífóònù fi máa ń mọ́ ju ti ẹni tó ń lo Áńdírọ́ìdì lọ? Gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ayàwòrán Ìlíṣàn

Ó ní ohun tó ń fà á. Inú WhatsApp fúnra rẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń tẹ kámẹ́rà. Lórí Áńdírọ́ìdì púpọ̀, kámẹ́rà tó wà nínú WhatsApp kì í rí gbogbo iṣẹ́ tí kámẹ́rà fóònù gan-an máa ń ṣe sí fọ́tò lò. Fọ́tò á wá rí bí ẹni pé omi wà lójú rẹ̀. Ẹ fi kámẹ́rà fóònù yà á lọ́tọ̀, kí ẹ tó mú un láti inú fọ́tò yín wá sínú WhatsApp. Bí oníbàárà kan lẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí, ẹ tẹ HD lókè kí ẹ tó jẹ́ kó lọ. Ọdún 2023 ni wọ́n gbé ìyẹn dé. Ní ti Status, WhatsApp ń fún un pọ̀ fún gbogbo wa.

Ọmọ Rẹ́mọ Gidi

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ò sọ̀rọ̀ pé fóònù ọdún 2019 yẹn gba iOS 26, ètò tó ń darí áífóònù, ní 2025. Áńdírọ́ìdì 2019 wo ló ṣe bẹ́ẹ̀?

Ẹnjiníà Ṣàgámù

Ẹ̀gbọ́n, níbẹ̀ n kò lè bá yín jiyàn. iPhone XR ni wọ́n já sílẹ̀ nígbà yẹn, 11 ṣì wọlé. Ọ̀pọ̀ Áńdírọ́ìdì olówó kékeré, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń gba ètò tuntun kí wọ́n tó pa wọ́n tì. Samsung gbìyànjú díẹ̀: ìgbà mẹ́rin ni wọ́n ṣèlérí fún A15 wọn. Ẹni tó bá ń fi fóònù wọ báńkì, kó ka ìyẹn kún.

Ìyá Gàrí, mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ má ra ohunkóhun. Ẹ gbé okùn ṣájà yín sí i, kí ẹ wò ó bóyá ẹnu irin rẹ̀ wọlé tán tàbí ó ku díẹ̀ níta. Ẹ wá fi okùn kan náà sí fóònù ẹlòmíràn kí ẹ fi wéra, kí ẹ sì tan tọ́ọ̀ṣì sínú ẹnu ṣájà tiyín.

Ìyá Gàrí Agọ́-Ìwòyè

Ó ku díẹ̀ níta lóòótọ́. Nǹkan funfun kan wà nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ti dì bí àkàrà.

Ẹnjiníà Ṣàgámù

Gàrí yín ni. Eruku rẹ̀ ń wọlé, okùn ṣájà ń tì í mọ́ ògiri, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ń mú un dì. Ẹ pa fóònù pátápátá. Ẹ mú igi tí wọ́n fi ń ta eyín, kí ẹ fi ọ̀bẹ fá orí rẹ̀ kó pẹlẹbẹ, kí ẹ máa fi ha ògiri ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹnu C ni, ahọ́n kékeré kan wà láàárín, ẹ má ṣe gbé igi lé e. Ẹ má lo abẹ́rẹ́ tàbí pín-ìnnì, irin ló máa kan irin. Bí okùn bá wọlé tán lẹ́yìn náà tó ṣì ń mì jọ̀gẹ̀jọ̀gẹ̀, ẹnu ṣájà ti jẹ nìyẹn. Lórí ọ̀pọ̀ Tecno àti Infinix, bọ́ọ̀dù kékeré kan tó dá dúró ló gbé e, kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú pánẹ́ẹ̀lì ńlá, owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n.

Aláṣọ Òkè-Ajé

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Mo ti lọ wo iPhone 11 náà. Mo gbé aṣọ òkè elésè àlùkò kan lọ àti bébà, ẹni tó ń tà á ń wò mí bí ẹni pé orí mi ti yí.

Battery Health ò kọ nọ́ńbà kankan, ìlà kékeré ló wà níbi tó yẹ kí nọ́ńbà wà. Ní About, iwájú Battery ni Unknown Part, iwájú Display náà ni Unknown Part. Ó ní ìyẹn ò ní kó má ṣiṣẹ́. Àyè tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ 64 GB.

Mo ya aṣọ náà nínú ìsọ̀ rẹ̀, búlúù. Mo gbé e bọ́ síta, ó di elésè àlùkò, ó sún mọ́ ti ọwọ́ mi dáadáa. Mo kọjá sí ìsọ̀ kejì tí wọ́n ti ń ta Áńdírọ́ìdì tuntun, èyí tó ní 5,000 àti ibi Pro. Nínú ilé, búlúù tiẹ̀ tún wá tàn yanranyanran. Níta, ó pọ́n ju bó ṣe yẹ lọ díẹ̀. Nígbà tí mo sún WB, bébà funfun, aṣọ náà bọ́ sípò. Ṣùgbọ́n n kò ní parọ́, nígbà tí mo ń fi fídíò rìn yí aṣọ náà ká, ti áífóònù ń lọ bí omi, ti ìkejì ń fò bí ìgbà tí ọkọ̀ bá kó sí kòtò.

Ẹnjiníà Ṣàgámù

Mọ̀mí, ẹ ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ń wá bá mi kì í ṣe.

Ohun tí ẹ rí nìyí. Ojú àti bátìrì ti kúrò nílẹ̀, ohun tí wọ́n fi rọ́pò kì í ṣe ti Apple, tàbí kó jẹ́ èyí tí wọ́n yọ lára áífóònù mìíràn. Ìyẹn nìkan kì í ṣe olè, owó rẹ̀ ló yẹ kó já. Fún ẹni tó ń ta bàtà, màá ní kó bá a dúnàádúrà. Fún ẹ̀yin tí ẹ ń ta àwọ̀, ojú ẹ̀dà yẹn ni ìṣòro. Àwọn kan nínú wọn máa ń fà sí búlúù, àwọn kan a máa ṣú. Lójú wọn lẹ ó ti máa wo fọ́tò láti mọ̀ bóyá ó bá aṣọ mu. Ẹ lè máa tún fọ́tò tó dára ṣe títí á fi bàjẹ́, nítorí pé ojú fóònù ló ń parọ́ fún yín.

64 GB náà kéré fún olùyàfídíò. Ní 4K tó yára jù, ìṣẹ́jú kan á jẹ nǹkan bí 400 MB. Tí ẹ bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí 1080p ní 30, ó máa jẹ́ bí 60, ìyẹn sì ti tó fún WhatsApp. Kò sí ojú mẹ́mọ́rì káàdì lára áífóònù tí ẹ fi máa kún un.

Bí ẹ bá rí 11 mìíràn tí ojú rẹ̀ ṣì jẹ́ ti ilé, tí bátìrì nìkan ló ti rẹ̀, èmi á kọ́kọ́ gbé ìyẹn yẹ̀ wò. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á nu fóònù náà mọ́ níwájú yín, kí ẹ̀yin fúnra yín tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí ẹlòmíràn, ẹ gbé e sílẹ̀ fún un kí ẹ máa lọ. Kò sí ẹnjiníà kankan ní Rẹ́mọ tàbí Ìjẹ̀bú tó máa bá yín ṣí i lọ́nà tó tọ́.

Oníbàtà Ìpẹru

Fídíò yẹn ò yẹ kó lé Mọ̀mí kúrò lórí Áńdírọ́ìdì. Ẹ ra igi tí wọ́n fi ń gbé fóònù dúró, kí aṣọ máa yí níwájú rẹ̀ dípò kí ẹ máa yí aṣọ ká. Ara ère tí wọ́n ń wọ aṣọ sí ni mo ti rí i tí àwọn kan ń ṣe é.

Ọmọ Rẹ́mọ Gidi

Ẹ fẹ́ kí ìyá àgbà máa gbé igi kiri Òkè-Ajé nítorí pé ẹ ò fẹ́ gbà pé áífóònù dára.

Aláṣọ Òkè-Ajé

Ìyá àgbà kẹ̀! Ẹ rọra o. Igi ò ni mí lára, ère aṣọ méjì ti wà ní ìsọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọkàn mi ń lọ sọ́dọ̀ Áńdírọ́ìdì tuntun yẹn nítorí bátìrì àti síìmù méjì, ṣùgbọ́n n kò tíì sanwó. Ẹnjiníà méjì tí mo pè, ọ̀kan ní ojú rẹ̀ wà lọ́wọ́ òun, ìkejì ní kò tíì sí ẹ̀dà rẹ̀ nílẹ̀ torí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Èwo ni kí n gbà gbọ́?

Ẹnjiníà Ṣàgámù

Ẹ ní kí ẹni tó ní ó wà lọ́wọ́ òun ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, kí nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn páálí rẹ̀ hàn. Ẹ tún lè pe Carlcare bó bá jẹ́ Tecno tàbí Infinix ni, àwọn ló ń tún tiwọn ṣe. Fóònù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ó máa ń gba oṣù díẹ̀ kí ojú ẹ̀dà rẹ̀ tó kún ọjà. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ nínú ìdílé kan náà lè san yín jù, tí wọ́n bá ṣì ń tà á ní tuntun.

Ìyá Gàrí Agọ́-Ìwòyè

Ẹnjiníà! Mo ti yọ ọ́. Okùn wọlé, ó dún kọ́, ó ti ń gba iná láti àárọ̀. Ẹni tó gba owó bátìrì lọ́wọ́ mi, ṣé kó dá a padà?

Ẹnjiníà Ṣàgámù

Ẹ bèèrè bátìrì àtijọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀ ná. Bí kò bá rí i kó fún yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé inú fóònù yín ló ṣì wà.